Ènì Tó Wà Lórí Agolo Ìrẹsì

Boniface ní òun lè fojú wo tírélà ìrẹsì kan, kí òun sì sọ iye hóró tó wà nínú rẹ̀. Ó ní ọjọ́ kan wà tí tírélà wọ ọjà Ìdóàní, òun wo táyà ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun ní hóró méje ló dín. Wọ́n já ẹrù sílẹ̀. Gbogbo ọjà jókòó ti ìrẹsì, wọ́n ń kà á. Àwọn aboyún bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà dàgbà, wọ́n bá wọn kà á. Nígbà tí wọ́n kà á tán, hóró méje ló dín lóòótọ́. Ni dẹ́rẹ́bà bá dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé ebi ló pa òun lójú ọ̀nà, òun sì ha á sẹ́nu ní tútù.

Èmi Akínfẹ́mi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe pé mi ò mọ irọ́ pa. Èmi ni mo sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa pé iṣu kan wà ní Òkèlúsè tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí baálé kan àti ìyàwó méjì ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n sì fi iyàrá kan háyà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo gbọ́ ti tírélà yẹn, mo dìde lórí àga, mo ṣí fìlà fún Boniface. Ọ̀gá wà lókè ọ̀gá.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà mìíràn ni, à bá rẹ́rìn-ín kí a gbàgbé. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn, ní ilé wa ní Ọ̀wọ̀, ọwọ́ Boniface ni wọ́n fi oúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi sí, oúnjẹ náà sì ni ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n mi so kọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ni Akínyẹlé. Wolé-wolé ni kó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Tí ó bá wọ àdúgbò láyé ìgbà náà, àwọn ìkòkò ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, wọn á fúnra wọn wẹ ara wọn. Ó máa ń ṣí ọmọrí ìkòkò onílé, á fi ìka ra ẹnu àmù omi, á sì kọ ìwé fún ẹni tí ìdin bá wà nínú omi rẹ̀. Ìyẹn ni kò ṣe rọrùn fún un nígbà tí ó kan òun náà pé kí àwọn èèyàn máa ṣí ìkòkò tirẹ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wú. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí i. A gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, dókítà sì sọ fún wa pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti rẹ̀, pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe mọ́ kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ó ní kò tíì di dandan kí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ó ní tí a bá ṣọ́ oògùn rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀, kíndìnrín náà lè pẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́. Tí a kò bá ṣọ́ ọ, ẹ̀rọ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bẹ̀rù ejò, kò bẹ̀rù ọ̀gá wọn ní ìjọba, kódà kò bẹ̀rù ìyá wa tí ọkùnrin mẹ́fà ń sá fún. Ẹ̀rọ yẹn ló bẹ̀rù. Ó ti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lórí rẹ̀ rí, ó rí ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jáde gba inú ọ̀pá lọ, tó tún ń gba inú ọ̀pá mìíràn padà, látìgbà náà ni kò ti lè fi ọ̀pá rọ́bà fa epo mọ́. Nígbà tí dókítà dárúkọ ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ mú ọwọ́ mi, ó sì fún un débi pé egungun mi kọrin.

Wọ́n darí wa sí ọ̀dọ̀ Naimat. Ọmọ Ọ̀wọ̀ níbí ni, bàbá rẹ̀ ń rán aṣọ ní àárín ìlú, òun ló sì ń bójú tó ọ̀rọ̀ oúnjẹ àwọn aláìsàn. Ó bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìwẹ̀. Ó ní ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà àti ẹ̀wà ní ohun kan nínú tí wọ́n ń pè ní purotíìnì, òun ló ń kọ́ ara. Bí ara bá ti lò ó tán, ìdọ̀tí rẹ̀ á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló sì gbọ́dọ̀ kó o dà nù. Kíndìnrín tó ti rẹ̀ kò lè kó púpọ̀. Ọgọ́ta kílò ni ẹ̀gbọ́n mi wọ̀n, nítorí náà purotíìnì tó ń jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù mẹ́rìndínlógójì lọ.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, Ọmọ́lẹ́yẹ, ní ìyẹn kò le, kí a sáà ti gbé ẹran kúrò lójú rẹ̀. Naimat mi orí. Ó ní ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣubú nìyẹn. Ó ní ìrẹsì ní purotíìnì tirẹ̀, iṣu ní tirẹ̀, búrẹ́dì ní tirẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ń kún àwo ni wọ́n fi ń di púpọ̀. Ẹyin kan, gíráàmù mẹ́fà. Agolo mílíìkì kan ìrẹsì tó ti jinná, kò tó mẹ́rin. Agolo tòmátò kékeré kan ẹ̀wà tó ti jinná, márùn-ún. Gàrí àti pupuru tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe ló kéré jù, nítorí náà àwọn ni kó máa fi yó. Ó sì kìlọ̀ fún wa pé ebi kò gbọdọ̀ pa á. Ó ní ara tí ebi bá ń pa á á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara òun fúnra rẹ̀, ìdọ̀tí ìyẹn náà á sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ bákan náà. Kí wọ́n máa fi òróró sí oúnjẹ rẹ̀ dáadáa, òróró ń fúnni lágbára, kò sì ní purotíìnì kankan.

Ó wá gbé agolo mílíìkì kan jáde, ó bu ìrẹsì sínú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé ẹnu rẹ̀ pẹrẹsẹ. "Báyìí," ló wí. "Kí ó dọ́gba pẹ̀lú ẹnu agolo. Agolo méjì lálẹ́, ó tán."

Ọmọ́lẹ́yẹ rí i, èmi náà rí i. Boniface kò sí níbẹ̀.

Àbúrò Ọmọ́lẹ́yẹ ni Boniface, ìyá kan náà ló bí wọn ní Ìdóàní. Ó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́jà níbẹ̀ láti ìgbà tí irun àgbọ̀n rẹ̀ ti ń hù. Nígbà tí àìsàn yìí dé, ó fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé, nítorí Ọmọ́lẹ́yẹ ṣì ń lọ sí ọ́fíìsì ní káńsù, kì í sì í tètè dé. A kò lè parọ́ mọ́ Boniface níbẹ̀ yẹn: ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí òun ń fẹ́ ìyàwó, ẹ̀gbọ́n mi ló dúró bíi bàbá fún un. Ó mọ oúnjẹ sè, ó sì ń fọ àwo bí ẹni tó fẹ́ fi gbowó.

Ọmọ́lẹ́yẹ kó agolo méjèèjì fún un, ńlá àti kékeré, ó sì sọ gbogbo ohun tí Naimat sọ. Boniface gbọ́ ọ dé ìdajì. Ó ní kí wọ́n má yọ òun lẹ́nu, pé òun ti mọ agolo kí wọ́n tó bí ọmọ yẹn. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ẹni tó ń búra níwájú adájọ́.

"Ọwọ́ yìí," ló wí, "òṣùwọ̀n ni Ọlọ́run fi ṣe. Kì í yẹ̀."

A gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Àwọn èèyàn ń wá láti Òkèlúsè ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń kọjá ìsọ̀ ogún lọ́nà.

Lẹ́yìn oṣù kan, a padà lọ gba ẹ̀jẹ̀. Dókítà wo ìwé, ó tún un wò, ó sì béèrè ohun tí bàbá ń jẹ. Nọ́ńbà ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ ti gòkè. Kò gòkè kékeré.

Inú ọkọ̀ mi la bá padà bọ̀. Páànù ọkọ̀ mi tí ó máa ń pariwo bí ọjà ìrọ̀lẹ́, ó dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ọwọ́ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, ó ń fi àtàǹpàkò ra á. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé, ó ní òun kò jẹ ohunkóhun tí wọn kò gbé fún òun. Kò sí ẹni tó bi í.

Ó di ọjọ́ kejì kí n tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dorí kọ. Mò ń fi ọkọ̀ kó iṣu láti Òkèlúsè wá sí Ọ̀wọ̀, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé tí mo bá ń bọ̀, ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ kì í wọ́n lábẹ́ àga mi. Kí àìsàn yìí tó dé, èmi ni mo máa ń gbé òyà fún ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn ilé kí ìyàwó rẹ̀ má baà dà á sínú ọbẹ̀ fún àlejò. Èmi náà ni mo fi ìrù ẹran sínú báàgì pásítọ̀ lọ́dún kan. Èèyàn tó bá ti ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, tí nǹkan bá sọnù lójú ọ̀run, òun ni wọn yóò wá bi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà mo jí, mo bá Ọmọ́lẹ́yẹ nínú ọkọ̀ mi, ó ti tú àga méjèèjì sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń gbóòórùn. Látìgbà tó ti wọ ilé wa, "Ọkọ mi kékeré" ló ń pè mí, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ. Kò dárúkọ mi rí. Ó gbé ojú sókè, ojú náà pọ́n bí epo tuntun.

"Akínfẹ́mi," ló wí, "ṣé o fẹ́ kí n di opó ni?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, wọ́n ti fi igi lù mí rí, ọlọ́pàá ti fún mi létí rí títí mo fi gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì Ìkàrẹ́. Kò sí èyí tó dùn mí tó orúkọ mi tó jáde lẹ́nu ìyàwó wa lọ́jọ́ yẹn. Mo búra. Mo fi orí ìyá wa búra. Ó ní orí ìyá wa náà ni mo fi búra nígbà tí mo sọ̀rọ̀ iṣu tí èèyàn ń gbé inú rẹ̀.

Boniface dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn kíṣìnnì, ó ń nu agolo. Ó ní àna òun, kí n jẹ́wọ́ kí ó tán, ẹnikẹ́ni kò ní pa mí.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti gba ilé. Ọmọ́lẹ́yẹ a máa gbóòórùn ẹnu ọkọ rẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, á tún gbóòórùn rẹ̀ nígbà tó bá dé. Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sí ọrùn. Àwọn ará ìjọ tó wá kí ẹ̀gbọ́n mi, ó tú àpò wọn wò kí wọ́n tó wọlé, kò yọ olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀. Nígbà tí kò rí ohunkóhun, ó ní ẹja àti ẹyin tí Naimat fi sílẹ̀ ló ń pa á. Ó yọ ẹyin àárọ̀ kúrò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó yọ ẹja ọ̀sán kúrò. Mo ní Naimat kò wí bẹ́ẹ̀. Ó ní ta ló bi mí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò jiyàn. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, nítorí ọkùnrin tó ti bá gomina jiyàn lórí ṣáláńgá ni. Ó kàn ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó wú. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ń wo ibi tí ìka náà wọ̀ bóyá yóò padà. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ tèmi. Ní ọjọ́ kan ó pè mí, ó rọra béèrè pé tí wọ́n bá so èèyàn mọ́ ẹ̀rọ yẹn, ṣé wọ́n máa ń tú u sílẹ̀ lọ sí ìsìnkú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ dá a lóhùn pẹ̀lú àwàdà. Ẹnu mi, tí kì í gbófo, ó gbófo.

Mo wá pinnu pé èmi fúnra mi ni n ó mú olè náà. Tí kì í bá ṣe èmi, ẹnì kan ló ń fún un ní ẹran. Mo da eérú sílẹ̀ yí ibùsùn rẹ̀ ká kí n lè rí ojú ẹsẹ̀. Mo so ìdérí ìgò mọ́ ọmọrí gbogbo ìkòkò, débi pé tí eku bá kọjá nínú kíṣìnnì, gbogbo àdúgbò á rò pé ẹgbẹ́ akọrin ló dé. Mo tún gun igi máńgòrò náà, mo jókòó sórí ẹ̀ka láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, èèrà jẹ mí títí mo fi ku ìdajì. Ẹni tó wá sábẹ́ igi kò ju Boniface lọ. Ó gbé oúnjẹ àárọ̀ wá, ó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, ó gbé oúnjẹ alẹ́ wá. Mo rí àwo náà láti òkè. Iṣu àárọ̀ nípọn bí ìwé Bíbélì orí pẹpẹ. Ìrẹsì alẹ́ ga, ó ní ṣóńṣó, ẹ̀wà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọmọ òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Mo rí i, mi ò sì rí i. Níbo ni wọ́n ti ń gbé àwo pẹrẹsẹ fún àgbà nílẹ̀ wa? Òkè ni oúnjẹ baálé máa ń jẹ́. Ẹran ni mò ń wá. Kò sí ẹran níbẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń họ ara.

Boniface rí mi. Kò bínú. Ó jókòó tì mí, ó ní ọ̀rọ̀ náà ń dun òun. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti yọ ẹyin, ó ti yọ ẹja, Bọ̀ọ̀dá sì ń gbẹ bí ẹja òòrùn. Ó ní ṣùgbọ́n òun kì í jẹ́ kí agolo òun dà bí agolo ahun, ohun tó bá kù díẹ̀ káàtó, òun mọ bí òun ṣe ń dí i. Mo kí i pé ó ṣeun. Ẹ gbọ́, mo kí i pé ó ṣeun.

Nígbà tí a tún padà lọ gba ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà náà ti tún gòkè. Kílò ẹ̀gbọ́n mi sì ti wálẹ̀. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, kò pariwo. Ó ní òun yóò dúró di oṣù tó ń bọ̀. Tí kò bá wálẹ̀ nígbà náà, kí a múra sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní "Ẹ ṣé," bí ẹni pé wọ́n fún un ní omi mu. Ọmọ́lẹ́yẹ mú ìdí ìborùn rẹ̀, ó ń wé e mọ́ ìka, ó ń tú u, ó ń wé e.

Naimat gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó jẹ ẹran, ó ní rárá, Naimat sì gbà á gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, débi pé omi dé ojú ọkùnrin náà. Ó ní lọ́la, kí a má mú ìròyìn wá, kí a mú oúnjẹ wá. Kí a sè ohun tí bàbá ń jẹ ní odidi ọjọ́ kan, kí a má bù ú, kí a kó o wá nínú kúlà, kí ẹni tó ń bù ú sì bá wa wá pẹ̀lú agolo rẹ̀.

Boniface yọ̀. Ó fọ aṣọ, ó lọ̀ ọ́, ó fi lọ́fínńdà sára. Nínú ọkọ̀ ó ń sọ pé bóyá wọ́n máa gba òun síṣẹ́, pé ilé-ìwòsàn tí kò ní òṣùwọ̀n tó péye, kí wọ́n wá háyà ọwọ́ òun. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó níwájú, kúlà wà lórí itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú bí ẹni tó gbé òkú ọmọ tuntun.

Yàrá Naimat kò tóbi. Tábìlì kan, òṣùwọ̀n kékeré oníná kan tó ń fi nọ́ńbà hàn lójú, àga mẹ́rin. Ó ṣí kúlà ìrẹsì, èéfín gòkè. Ó gbé àwo òfìfo sórí òṣùwọ̀n, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ padà sí òdo. Ó ní kí Boniface má bínú, kí ó bu agolo kan fún bàbá, bó ṣe máa ń bù ú gan-an.

Boniface wò wá yí ká. Ó ní kí gbogbo wa jẹ́rìí o. "Tí ó bá fi hóró kan lé ní agolo kan," ló wí, "kí n fẹsẹ̀ rìn dé Ìdóàní."

Ó ká apá aṣọ sókè. Ó ti agolo bọ inú ìrẹsì, ó gbé e jáde ní kíkún. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ìrẹsì wọlé, ó tún bù kún un. Ó fi agolo gbá ẹ̀gbẹ́ kúlà lẹ́ẹ̀mejì, ó tún wọlé, ó tún bù kún un. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òkè sórí rẹ̀. Mo ti rí àwọn bíríkìlà tó kọ́ ilé alájà, wọn kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Ó ń tò ó, ó ń fi ìka yí i po, títí ó fi ní ṣóńṣó, tí hóró kan kò sì já bọ́. Ó dà á sórí àwo. Nígbà tí a rò pé ó ti tán, ọwọ́ rẹ̀ òsì, tí kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́, padà sínú kúlà, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó jù ú lé e.

Naimat béèrè pé kí ni ìyẹn.

"Ènì ni," Boniface dáhùn. Ohùn rẹ̀ dàbí ti ẹni tí wọ́n bi pé kí ni omi. "Ṣé èèyàn á ta ọjà láìsí ènì ni?"

Naimat fi ìka tọ́ka sí ojú òṣùwọ̀n. Igba gíráàmù ó lé ní ogún. Ó gbé àwo mìíràn, ó bu agolo kan náà láìtẹ̀ ẹ́, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé e pẹrẹsẹ, ó dà á sílẹ̀. Ọgọ́fà ó lé díẹ̀. Ó gbé agolo tòmátò fún Boniface, ó ní kó bu ẹ̀wà. Boniface kò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà bù ú. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbá a, ó kọ́ òkè sí i. Nígbà tó ku ènì, ó rántí, ó gbìyànjú láti dá ọwọ́ dúró. Ọwọ́ náà kọ̀. Ṣíbí ẹ̀wà kan bọ́ sórí rẹ̀.

Naimat gbé iṣu jáde, ó wọn ègé kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì tí ó ní kí a máa gé. Ó wá jókòó, ó ṣe ìṣirò rẹ̀ ní gbangba kí gbogbo wa gbọ́. Ìrẹsì alẹ́ tó yẹ kó jẹ́ gíráàmù purotíìnì méje ti di mẹ́tàlá. Ẹ̀wà márùn-ún ti di mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, ó sì wà nínú àwo lójoojúmọ́ nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Iṣu ti di ìlọ́po méjì. Ó ní a ti yọ ẹyin àti ẹja tó dára fún bàbá jù, a wá fi ìrẹsì àti ẹ̀wà kó ìdọ̀tí padà sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lójoojúmọ́. Kì í ṣe ẹran. Ènì ni.

Mo wo Ọmọ́lẹ́yẹ. Kò wò mí, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn, ó wá apá aṣọ mi, ó dì í mú. "Ọkọ mi kékeré," ló wí, kò gbé ohùn sókè. Mi ò mọ̀ bóyá mo sunkún. Ẹ sọ pé n kò sunkún.

Ẹ̀gbọ́n mi ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Naimat bóyá ó ti pẹ́ jù. Gbogbo ara rẹ̀ ló fi béèrè. Naimat kò purọ́ fún un. Ó ní òun kò lè ṣèlérí. Ó ní kíndìnrín tó bá ti bàjẹ́ kì í padà, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀ bí ohun tó ń wọlé bá dínkù, ó sì ti rí èyí tó wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kí wọ́n dá ẹyin padà. Kí wọ́n dá ẹja padà, ègé kékeré. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀bà àti pupuru fi kún un kí ebi má pa á. Kí wọ́n sì fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé ẹnu agolo.

Ẹ̀gbọ́n mi mí. Èémí tí ó ti há mọ́ àyà rẹ̀ láti oṣù méjì, ó jáde ní ẹ̀ẹ̀kan, ìwé orí tábìlì Naimat fò. Ó na ọwọ́, ó mú ọ̀bẹ, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ gé ẹnu agolo ẹ̀wà tí Boniface kọ́. Òkè náà ya lulẹ̀ sórí tábìlì. Ó wò ó bí ó ṣe máa ń wo ìdin nínú àmù nígbà tó ṣì jẹ́ wolé-wolé.

"Boniface," ló wí, jẹ́jẹ́, "ẹnu agolo kò dọ́gba. Ìwé ni n ó kọ fún ọ."

Gbogbo wa yíjú. Àga Boniface ṣófo.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ́lẹ́yẹ gbá ọmọrí kúlà mú, ó tẹ̀ lé e, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. Ó ń bi í bóyá ọwọ́ yẹn náà ni Ọlọ́run fi ṣe òṣùwọ̀n, kó dúró kí òun náà wọn tirẹ̀ fún un, kí òun sì fi ènì lé e. Boniface kò dúró. Ó fo kẹ̀kẹ́ aláìsàn kan, ó la àárín àwọn nọ́ọ̀sì kọjá, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì rò pé olè ni, ó ta kìjí, Boniface sì gba abẹ́ apá rẹ̀ jáde. Nígbà tí mo fi dé géètì, ó ti wà ní títì tó lọ sí apá Ìdóàní. Àwọn ọlọ́kadà mẹ́ta dúró tì í, wọ́n ní kó gun, kò gun. Ẹsẹ̀ ló fi ń lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ilẹ̀, agolo mílíìkì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ìrẹsì tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ sì ń já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lójú títì ní hóró kọ̀ọ̀kan.